"Kí Ni Àwọn Èèyàn Máa Sọ?": Nígbà Tí Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìwé Ìbéèrè Bá Takora

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá fínra láti bí oṣù mẹ́ta pé kí ló dé tí kò tíì lọ rí dókítà. Èsì tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣòroó mọ̀: "Kí ni àwọn èèyàn máa sọ?" Ẹni tó bá jókòó ti irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gba ohùn wọn sílẹ̀, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà léraléra. Kò ní pẹ́ tó fi máa gbà pé òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀: ìbẹ̀rù ẹnu aráyé ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú.

Ní ọdún 2009, Daniel Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 5,000 ló dáhùn ìbéèrè wọn, láti yunifásítì 13. Wọ́n wo ojú àbùkù lọ́nà méjì, wọn ò da méjèèjì pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó wà lọ́kàn àwọn ẹlòmíràn: ṣé àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹni tó gba ìtọ́jú fún àárẹ̀ ọkàn? Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè tirẹ̀: ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o máa fojú kéré irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ojú àbùkù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ju èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ wé ẹni tí kò wá, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rò nípa àwọn ẹlòmíràn kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀ ló yà wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ń fojú kéré ìtọ́jú tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ wá ìrànlọ́wọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rù èèyàn ni. Ìwé ìbéèrè ní ìbẹ̀rù èèyàn kò fi ẹni tó lọ hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò lọ. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn, mo sì fẹ́ kí a rí bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibí yìí gan-an ni àpilẹ̀kọ gboyè tó lo ọ̀nà méjì pa pọ̀ ti ń wúlò, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kùnà sí.

Ọ̀nà méjì tí mò ń wí ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fi àmì sí, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí èèyàn díẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn ara wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ló ń ṣe méjèèjì. Wọ́n á fi nọ́ńbà kún orí kẹrin, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún orí karùn-ún, wọ́n á wá kọ ọ́ sí orí ìkẹyìn pé èsì méjèèjì ti ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀nà tí mo fi ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé bí o bá fa orí karùn-ún ya kúrò nínú rẹ̀, kò sí gbólóhùn kan nínú orí ìkẹyìn tó máa yí padà. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì sínú ìwé kan.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpilẹ̀kọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣe oyè kejì ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá ló ń kọ ọ́. Èmi ni mo ṣe ìtàn náà àti àwọn nọ́ńbà rẹ̀ fún àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú un bí èsì ìwádìí tó ti wáyé. Àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ojúlówó.

Ohun tó kọ́kọ́ nílò ni bí yóò ṣe mọ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì lè máa bá jà. Ó mú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, tí Kroenke, Spitzer àti Williams gbé jáde ní ọdún 2001. Ojú ìwé kan péré ni, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì dá lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ṣé àwọn nǹkan tí o máa ń gbádùn kò wù ọ́ mọ́? Ṣé inú rẹ ń bàjẹ́, tí ọkàn rẹ ń rẹ̀wẹ̀sì? Oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ṣé ó máa ń rẹ̀ ọ́? Ṣé o ń rí ara rẹ bí ẹni tí kò wúlò? Ẹni tí èyí kò ṣẹlẹ̀ sí rárá yóò mú 0, ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí ní ọjọ́ mélòó kan yóò mú 1, ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ yóò mú 2, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ yóò mú 3. Àròpọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 27. Ẹni tó bá ní 10 sókè ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó yẹ kí onímọ̀ ìṣègùn yẹ̀ wò. Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ó ṣiṣẹ́ níbí náà, 10 yẹn sì bójú mu fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó le. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni. Kò lè sọ pé ẹnì kan ní àrùn, dókítà ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì ló ń béèrè, ìgbà tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù ṣe pàtàkì. Bó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ta ni oorun kò ní dà láàmú, ta ni kò ní rẹ̀? Àròpọ̀ á ga, kò sì ní jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ló gbé e ga. Olùwádìí lè rí èyí bó bá tú àròpọ̀ náà wò: bó bá jẹ́ pé oorun, àárẹ̀ àti oúnjẹ ló kó ọ̀pọ̀ máàkì, tí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, ti pé nǹkan kò wù ẹ́ mọ́ àti pé inú rẹ ń bàjẹ́, sì wà nílẹ̀, kí ó fura. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa pín tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sáà ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè kẹsàn-án wà lọ́tọ̀. Ó ń béèrè bóyá ẹni náà ti ń rò ó pé ó sàn kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà, abala 327 fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tó kàn gbọ́ ọ rí, lè fi 0 síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ohun tó ju 0 síbẹ̀, kò yẹ kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ sùn nínú àpótí di ìparí oṣù kí ẹnì kan tó kà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa tó pín fọ́ọ̀mù kankan, ó ti bá dókítà kan nílé ìwòsàn ọgbà ṣàdéhùn, ó ń ka ìbéèrè kẹsàn-án ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà, ojú ìwé ìkẹyìn gbogbo fọ́ọ̀mù sì ní nọ́ńbà ibi tí èèyàn lè pè. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí fọ́ọ̀mù, àmì ìdánimọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó bá rí ohun tó kan ẹ̀mí, òun á wá ẹni náà nípasẹ̀ nọ́ńbà fóònù tó bá fi sílẹ̀.

Ó tún ṣe ohun kan tí mo mọyì. Kò bi wọ́n pé "ṣé wàá lọ rí dókítà bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú ọ?" nìkan. Ó béèrè pé láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ṣé o ti lọ? Ẹnu ò sanwó ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ le lónìí lè ṣèlérí pé òun á lọ, kó má sì lọ lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá kọ̀ ọ́.

Èèyàn 400 ló dáhùn. Èèyàn 72 ní 10 sókè. Nínú 72 yẹn, 18 ti lọ rí dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn ọgbà láàárín ọdún náà, 54 kò lọ. Ó wá wo ìbéèrè lórí ojú àbùkù. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa fojú kéré ẹni tó gba ìtọ́jú fún àárẹ̀ ọkàn": 15 nínú àwọn 18 tó lọ gbà bẹ́ẹ̀, 44 nínú àwọn 54 tí kò lọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò ó sí ọgọ́rùn-ún, 83 àti 81 ni. Kò sí ìyàtọ̀. "Èmi fúnra mi máa fojú kéré irú ẹni bẹ́ẹ̀": 1 péré nínú àwọn tó lọ, 15 nínú àwọn tí kò lọ. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 18 kéré: bí ẹni méjì péré bá yí èsì wọn padà, ìyàtọ̀ náà á rọ̀ dáadáa.

Níbi tó kù kó yan àwọn tó máa bá sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ náà ti fẹ́ bàjẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀, tó sì máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ olùwádìí, ni pé: ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí wọn kì í fi í lọ, nítorí náà àwọn tí kò lọ ni kí n bi. Ó gbé e lọ fún alábòójútó rẹ̀. Màmá yẹn wo ìwé náà, wọ́n sì bi í pé, "Bí gbogbo àwọn tí kò lọ bá sọ fún ọ pé ẹnu aráyé ni, báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé àwọn tó lọ kò bẹ̀rù ẹnu aráyé?" Ó ní, "Mi ò lè mọ̀ ọ́n, Mà." Wọ́n ní, "Lọ bi àwọn náà."

Ìbéèrè yẹn ló gba àpilẹ̀kọ náà là. Ó padà sínú èsì fọ́ọ̀mù, ó mú ẹni mẹ́jọ tó ti lọ àti ẹni mẹ́jọ tí kò lọ, gbogbo wọn láti inú àwọn 72 náà, ó sì gbìyànjú kí àròpọ̀ máàkì wọn má jìn síra. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀nà méjèèjì fara kanra: èsì fọ́ọ̀mù ló sọ ẹni tí ó yẹ ká bá sọ̀rọ̀. Ó tún sọ ohun tó yẹ ká bi í, nítorí pé 83 àti 81 yẹn ti di ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ka ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kà á léraléra, ó ń fi àmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jọra, títí àwọn àmì náà fi kóra jọ di kókó ọ̀rọ̀ mélòó kan. Kókó tó kọ́kọ́ yọ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní ilé ìwòsàn ọgbà, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níwájú yàrá agbaninímọ̀ràn, ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ló sì dojú kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba oògùn ibà yóò rí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Àwọn mẹ́jọ tí kò lọ mẹ́nu kan bẹ́ǹṣì náà tàbí ohun tó jọ ọ́. Àwọn méje nínú mẹ́jọ tó lọ náà mẹ́nu kàn án. Wọ́n bẹ̀rù bákan náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà bákan náà.

Èyí ló tú okùn àkọ́kọ́. Ìbẹ̀rù èèyàn jẹ́ òótọ́, ó ń dun gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára gbogbo èèyàn kò lè sọ fún wa ìdí tí ẹnì kan fi lọ tí èkejì kò fi lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìbéèrè kò fi rí i. Kò túmọ̀ sí pé kò ṣe nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé òun ló dá ọ̀pọ̀ wọn dúró fún oṣù díẹ̀ kí àwọn kan tó lọ. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan kò lè fi èyí hàn.

Okùn kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lọ, lẹ́yìn "kí ni àwọn èèyàn máa sọ", gbólóhùn mìíràn tún máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ní, "Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí." Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ni? Àwọn tó kù ń kàwé." Òmíràn ní wọ́n á sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò tó, ó sì fi kún un pé bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí olùwádìí kọ́kọ́ kà á, abẹ́ "ìbẹ̀rù ẹnu aráyé" ló fi gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tó gbé èsì fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ìdájọ́ tí ọmọ náà ń dá ara rẹ̀ ni, ó kàn fi í sẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi nọ́ńbà rí ló jókòó sínú ọ̀rọ̀ ẹnu yìí. Láìsí nọ́ńbà, kò bá má padà lọ tún kókó rẹ̀ pín. Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò bá má mọ bí ojú àbùkù ti ara ẹni ṣe ń dún létí.

Kí ó lè rí gbogbo èyí papọ̀, ó ya àtẹ kan. Apá òsì ni ohun tí fọ́ọ̀mù sọ, àárín ni kókó ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tàbí méjì láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́, apá ọ̀tún ni ohun tí méjèèjì jọ sọ tí ọ̀kan kò lè dá sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó kọ bóyá wọ́n fohùn ṣọ̀kan, bóyá ọ̀kan fi nǹkan kún èkejì, bóyá wọ́n takora, tàbí bóyá ọ̀kan dákẹ́ níbi tí èkejì ti sọ̀rọ̀. Alicia O'Cathain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàlàyé irú ọ̀nà wọ̀nyí ní ọdún 2010: èèyàn lè fi èsì méjèèjì sórí àtẹ kan, ó sì lè mú okùn kan láti inú ọ̀kan kó tọ̀ ọ́ wọ inú èkejì. Mo rò pé apá ọ̀tún àtẹ yẹn ló yẹ kí àwọn tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò kọ́kọ́ kà. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá kàn ń tún apá òsì sọ, a jẹ́ pé wọn kò tíì so nǹkan kan pọ̀.

Ìlà tó le jù lórí àtẹ náà ni èyí tí fọ́ọ̀mù dákẹ́ sí. Mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ tó lọ ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ fún: ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló bá ọ̀kan gba káàdì, ẹ̀gbọ́n òmíràn ló wá láti Ìbàdàn tó sì mú un lọ́wọ́ lọ, olùkọ́ kan ló pe agbaninímọ̀ràn níṣojú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú àwọn tí kò lọ, ẹnì kan péré ni wọ́n fi irú rẹ̀ lọ̀. Fọ́ọ̀mù kò béèrè ẹni tó bá ọ lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ronú kàn án nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nǹkan mẹ́rin sì ni àìdára tó lè ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ó dùn mọ́ mi pé kò ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù, pé kó kọ ọ́ pé "ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìtọ́jú ni ẹnì kan sìn lọ." Ẹni mẹ́fà nínú mẹ́jọ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn kò lè dúró fún gbogbo ọgbà. Ó pe àwọn 72 náà padà, àwọn tó fi nọ́ńbà sílẹ̀ nínú wọn, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹnì kan sọ pé òun á bá ọ lọ? Àwọn 41 dáhùn. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn tó lọ àti àwọn tí kò lọ, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àkíyèsí pé 31 kò dáhùn.

Ohun kan tún ń da èmi náà láàmú nínú ọ̀rọ̀ ojú àbùkù ti ara ẹni. Ẹni tó ti gba ìtọ́jú lè dẹ́kun fífi ojú kéré ìtọ́jú lẹ́yìn tó rí i pé ó ṣe òun lóore. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lílọ ló yí ọkàn padà, kì í ṣe ọkàn ló jẹ́ kó lọ. Fọ́ọ̀mù ọjọ́ kan kò lè sọ èwo ló ṣáájú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí a lè bi ẹni tó lọ pé kí lo rò kó tó di pé o lọ. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́jọ sọ pé àwọn náà ti ń pe ara wọn ní ọ̀lẹ, àti pé orí ìjókòó kejì tàbí ìkẹta pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn ni èrò náà tó kúrò. Ìrántí lè yí ìtàn padà, kò sì yẹ ká gbára lé e tán. Ṣùgbọ́n ó tó láti dí ẹnu gbólóhùn tó rọrùn, pé kí wọ́n kàn lọ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má fojú kéré ìtọ́jú, wọ́n á sì máa lọ fúnra wọn.

Ìpinnu tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kọ sílẹ̀ kò gùn. Ó ní ìbẹ̀rù ẹnu èèyàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà, yálà wọ́n gba ìtọ́jú tàbí wọn kò gbà á. Pé ìdájọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ara rẹ̀ wọ́pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ èyí tó ṣáájú. Àti pé ẹni tó bá rí ẹlòmíràn tó gbà láti bá a lọ sábà máa ń lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù náà lára rẹ̀. Ó fi ìmọ̀ràn méjì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ọgbà: kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò níbi tó wà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ lè bá ọ̀rẹ́ gba ọjọ́ tí yóò rí agbaninímọ̀ràn.

Nínú abala tó fi sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dé, ó kọ ọ́ pé inú kíláàsì ni òun ti pín fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú débi pé kò wá sí kíláàsì mọ́, tàbí tó ti padà sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kò sí nínú àwọn 400. Àwọn tí ìtìjú bá pọ̀ jù lára kò sì ní fi nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́rìndínlógún tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́ àwọn tí ìtìjú wọn mọ níwọ̀n. Ó dábàá pé kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú gba orúkọ àwọn tó pa ẹ̀kọ́ tì láàárín sáà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ìwádìí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn.